Ìdọ́gba alágbáramẹ́ta kan tí x² inú rẹ̀ kọ̀ tí kò kúrò

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ ìdọ́gba alágbáraméjì dunjú. Ó ti ń ka ti alágbáramẹ́ta fúnra rẹ̀, ó sì ti há fọ́múlà tí wọ́n fi ń yanjú rẹ̀ sórí, èyí tó wà fún ìdọ́gba tó rí báyìí: y³ + py + q = 0. Ìṣirò tí wọ́n wá fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀:

2x³ + 12x² + 36x + 36 = 0

Ó rí i pé x² wà láàárín, fọ́múlà tó há sórí kò sì ní àyè fún un. Ó ti kà á níbì kan pé kéèyàn kọ́kọ́ “mú x² kúrò” nípa fífi y àti nọ́mbà kan rọ́pò x. Àmọ́ kò yé e bí nọ́mbà yẹn ṣe ń wáyé. Òun ló fà á tí iṣẹ́ ojú ìwé kan fi di iṣẹ́ ojú ìwé púpọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ibi tó ti kọsẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń gbà ṣubú, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tó ń fi sílẹ̀ lórí ìwé.

Kó tó fọwọ́ kan ìpààrọ̀ rárá, ó kọ́kọ́ wá ìdáhùn lọ́nà tó rọrùn, ohun tó sì yẹ kó ṣe náà nìyẹn. Gbogbo nọ́mbà inú ìdọ́gba yìí ló wà ní ẹ̀gbẹ́ àròpọ̀, nítorí náà x kò lè jẹ́ òdo, kò sì lè ju òdo lọ. Òdì ni yóò jẹ́. Ó fi −1 sí i, ó rí 10. Ó fi −2 sí i, ó rí −4. Àmì ti yí padà, gbòǹgbò kan, ìyẹn ìdáhùn kan, wà láàárín méjèèjì. Níwọ̀n bí 2 ti wà níwájú x³, ìdá kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe láàárín −2 àti −1 ni −1.5. Ó fi ìyẹn náà sí i, ó rí 2.25. Ìyẹn ni pé gbòǹgbò náà wà láàárín −2 àti −1.5, kì í ṣe nọ́mbà odidi, kì í sì í ṣe ìdá. Mo ní kó kọ àlà méjì yìí sí etí ìwé rẹ̀. A ó rí ìwúlò rẹ̀ tó bá yá.

Ìgbà yìí ló wá kan ìpààrọ̀. Ó rántí pé “ìdá kan nínú mẹ́ta iye iwájú x²” ni wọ́n ń lò. Ó wo 12, ó pín in sí mẹ́ta, ó rí 4, ó sì kọ x = y − 4. Ó tú gbogbo àkámọ́ pẹ̀lú sùúrù:

2(y − 4)³ = 2y³ − 24y² + 96y − 128

12(y − 4)² = 12y² − 96y + 192

36(y − 4) = 36y − 144

Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ 36 tó kẹ́yìn, ohun tó rí ni 2y³ − 12y² + 36y − 44 = 0. Alágbáraméjì náà ṣì jókòó síbẹ̀. Ó gbà pé ìtúká òun ló ní àṣìṣe, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe, ó sì bá −12y² kan náà pàdé.

Ìgbà tó mú un wá, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé: “Kí lo rí nínú ìlà tó kẹ́yìn yìí tí o bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àkọ́kọ́?” Ó wò ó títí, ó ní, “Sà, 12 ló di −12. Àmọ́ 36 tó wà níwájú x kò yí padà.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìṣirò tó ní àṣìṣe ìtúká máa ń mú nọ́mbà játijàti jáde, 13 tàbí 7 tàbí ohun tí kò bá ohunkóhun tan. Bí iye iwájú x² bá kàn yí àmì padà, tó dúró ní iye kan náà, tí iye iwájú x náà sì dúró, àròpọ̀ kọ́ ló ṣì. Ibi tí a ṣí x lọ ló jìnnà jù, ó sì jìnnà ní ìlọ́po méjì géérégé. Ibì kan wà lórí ìlà nọ́mbà tó jẹ́ àárín fún ìdọ́gba alágbáramẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Tí a bá dúró lórí rẹ̀, x² a pòórá. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó kọjá àárín náà lórí −2, ó sì lọ dúró lórí −4, ọ̀nà tó jìn sí àárín bákan náà láti òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí ohun tó rí fi dà bí òjìji ohun tó fi sílẹ̀ nínú dígí.

Mo ní kó pa òfin “ìdá kan nínú mẹ́ta” tì ná, kó fi lẹ́tà dípò nọ́mbà: x = y + h. Mo sọ fún un pé kó má ṣe tú gbogbo rẹ̀, kó wá y² nìkan. Ibo ni y² ti lè wá? Nínú 2(y + h)³, 6h ló máa wà níwájú y². Nínú 12(y + h)², 12 ni. Nínú 36(y + h), kò sí y² kankan. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ 6h + 12, a sì fẹ́ kó jẹ́ òdo. Nítorí náà h = −2.

Ìlà kan péré ni. Ó sì fi hàn kedere pé 2 tó wà níwájú x³ kò ṣeé gbójú fò. Tí a bá pe iye iwájú x³ ní a, tí a pe ti iwájú x² ní b, ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo ni 3ah + b, ìyẹn ni pé h = −b/(3a). Ẹni tó há b/3 sórí láìrántí a yóò máa rí ìdáhùn tó tọ́ níwọ̀n ìgbà tí x³ bá dá dúró láìní nọ́mbà níwájú, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí àṣìṣe náà pẹ́ kó tó fojú hàn.

Ó tún kù díẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ x = y + 2, nítorí ó ronú pé àròpọ̀ ló wà níwájú 12. Mo dá a dúró kó tó tú àkámọ́ kankan, mo ní kó fi 2 sí ipò h nínú 6h + 12. Ó rí 24. “Ó tún ti pọ̀ sí i,” ló wí. Bẹ́ẹ̀ ni: ẹni tó bá ṣi àmì yóò rí i pé x² di ìlọ́po méjì dípò kó kúrò. Àmì méjì yìí tó fún olùkọ́ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì ka gbogbo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí iye iwájú y² bá jẹ́ ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá, àmì h ló ṣì. Bí ó bá jẹ́ òdì rẹ̀, ìṣípòpadà ló jẹ́ ìlọ́po méjì, tí 2 bá sì wà níwájú x³, ó dájú pé wọ́n gbàgbé láti fi pín in.

Lẹ́yìn èyí, ó kọ́kọ́ fi 2 pín gbogbo ìdọ́gba náà, ó di x³ + 6x² + 18x + 18 = 0, ó sì fi y − 2 rọ́pò x. (y − 2)³ fún un ní y³ − 6y² + 12y − 8. 6(y − 2)² fún un ní 6y² − 24y + 24. 18(y − 2) fún un ní 18y − 36. −6y² àti 6y² pa ara wọn. Iye iwájú y jẹ́ 12 − 24 + 18, ìyẹn 6. Èyí tó dá dúró jẹ́ −8 + 24 − 36 + 18, ìyẹn −2. Ohun tó kù sílẹ̀ ni:

y³ + 6y − 2 = 0

Inú rẹ̀ dùn, ó sì béèrè ìbéèrè tó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà: “Sà, ṣé a ò lè mú 6y náà kúrò lọ́nà kan náà, kó ku y³ nìkan?”

Mi ò fẹ́ dá a lóhùn pé rárá lásán. Mo ní kó padà sí x³ + 6x² + 18x + 18, kó tún fi y + h rọ́pò x, àmọ́ kó wá iye iwájú y lọ́tẹ̀ yìí. Ó rí 3h² + 12h + 18. Kí ìyẹn tó lè jẹ́ òdo, h² + 4h + 6 gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ láti inú ìdọ́gba alágbáraméjì pé 16 − 24 jẹ́ òdì, kò sí h gidi tó lè ṣe é. Kódà ká ní h bẹ́ẹ̀ wà, kì í ṣe −2 ni ì bá jẹ́, x² ì bá sì padà wá. Nọ́mbà kan péré la ní lọ́wọ́ láti yàn, ìyẹn h, ohun kan péré ló sì lè mú kúrò. Orí ìdọ́gba tó jẹ́ pé h kan náà ló ń lé méjèèjì nìkan ni méjèèjì ti lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, irú rẹ̀ sì ni x³ + 6x² + 12x + 1 = 0, tó jẹ́ (x + 2)³ − 7 = 0 láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó kẹ́yìn yìí ló ṣí i lójú sí ohun tí ìpààrọ̀ náà ń ṣe gan-an. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ apá kan ìdọ́gba alágbáraméjì di alágbáraméjì pípé, nítorí náà ó kọ (x + 2)³ sílẹ̀, ó tú u, ó sì rí x³ + 6x² + 12x + 8. Ó wá kọ ìdọ́gba tirẹ̀ báyìí: (x + 2)³ + 6x + 10 = 0. Ìhín gan-an ló dúró sí, kò mọ ohun tó kàn, nítorí x ṣì wà níta àkámọ́. Ohun tó ku láti rí ni pé 6x náà gbọ́dọ̀ wọ aṣọ kan náà: 6x jẹ́ 6(x + 2) − 12. Tí a bá fi ìyẹn sí i, ó di (x + 2)³ + 6(x + 2) − 2 = 0, ìyẹn sì ni y³ + 6y − 2 = 0 tó ti rí tẹ́lẹ̀, láìtú àkámọ́ púpọ̀. Èmi máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ọ̀nà méjèèjì, torí ọ̀nà kejì yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé y kì í ṣe nǹkan àjèjì. x + 2 ni, a kàn fún un ní orúkọ ni.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí kí a tó lo fọ́múlà. Scipione del Ferro, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Bologna tó sì kú ní 1526, ti mọ bí a ṣe ń yanjú irú ìdọ́gba tí x² kò sí nínú rẹ̀. Niccolò Tartaglia náà rí i lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún Girolamo Cardano. Nínú ìwé tí Cardano tẹ̀ jáde ní 1545, ó fi hàn bí a ṣe lè mú x² kúrò lára àwọn ìdọ́gba tó ní i, kí ọ̀nà tí wọ́n ti mọ̀ lè kàn wọ́n. Ọ̀nà yẹn dá lórí pé kí a kọ y bí u + v. Tí a bá sọ u + v di alágbáramẹ́ta, ó jẹ́ u³ + v³ + 3uv(u + v), ìyẹn ni pé y³ = 3uv·y + (u³ + v³). Ẹ wò ó dáadáa: y³ wà níbẹ̀, y wà níbẹ̀, nọ́mbà tó dá dúró wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí y² níbì kankan. Ìdọ́gba tí y² wà nínú rẹ̀ kò lè bá a mu, bó ti wù kí a yan u àti v.

Tiwa bá a mu báyìí. y³ = −6y + 2, nítorí náà 3uv = −6 àti u³ + v³ = 2. uv = −2, a sì rí i pé u³ àti v³ jẹ́ nọ́mbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 2, tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ −8. Ìdọ́gba alágbáraméjì t² − 2t − 8 = 0 fún wa ní 4 àti −2. Ìdáhùn ni y = ∛4 − ∛2, ìyẹn nǹkan bí 1.5874 − 1.2599, tó jẹ́ 0.3275.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fa àpótí yí 0.3275 ká, ó sì gbé kálàmù sílẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn tọ́ka sí etí ìwé rẹ̀, níbi tó kọ ọ́ sí pé gbòǹgbò náà wà láàárín −2 àti −1.5. Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ 2 kúrò, ó sì kọ x = ∛4 − ∛2 − 2, nǹkan bí −1.6725. Ó fi í sínú ìdọ́gba tó ti fi 2 pín: −4.678 + 16.784 − 30.105 + 18. Ó tó òdo, àyàfi ìwọ̀nba tí a pàdánù nínú àwọn nọ́mbà ẹ̀yìn tí a gé kúrò. Ká ní kò kọ àlà wọ̀nyẹn sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó fi y lélẹ̀ bí x, nítorí 0.3275 yanjú ìdọ́gba tó wà níwájú rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò nínú ìdọ́gba tuntun nìkan kò lè rí àṣìṣe yìí láé. Inú ìdọ́gba àkọ́kọ́ ni kó ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ẹni tó ń kọ́ni, ohun méjì ni mo ń lò lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí tí kì í gba àsìkò. Àkọ́kọ́ ni pé nọ́mbà tó dá dúró nínú ìdọ́gba tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ó rí tí a bá fi h sínú ti àkọ́kọ́. Níbí, tí a bá fi −2 sí ipò x nínú x³ + 6x² + 18x + 18, −2 ló yẹ kó jáde, òun náà ló sì jáde. Èkejì ni pé a lè fi pínpín kúkurú rọ́pò ìtúká àkámọ́. A kọ 1, 6, 18, 18, a sì ń fi −2 sọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde di púpọ̀, kí a tó rò ó mọ́ èyí tó kàn: a sọ 1 kalẹ̀, 6 di 4, 18 di 10, 18 tó kẹ́yìn di −2. A padà sórí 1, 4, 10: 4 di 2, 10 di 6. A padà sórí 1, 2: 2 di 0. Àwọn tó kẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ni 0, 6, −2, a sì fi 1 ṣíwájú wọn. Bí òdo kò bá jáde ní ìlà tó kẹ́yìn, kí a tètè padà lọ wo h, kí a má tíì máa wá àṣìṣe sínú àròpọ̀.

Ìṣirò tí mo fún un lẹ́yìn náà ni x³ + x² − 2x − 1 = 0. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan án, torí 3 kò lè pín 1 láìsí ìdá. h jẹ́ −1/3, ìdá wọ̀nyẹn a sì máa da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni pé kí a kọ x = (z − 1)/3, kí a sì fi 27 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ kí a tó tú u: (z − 1)³ + 3(z − 1)² − 18(z − 1) − 27. Ó di z³ − 21z − 7 = 0, kò sí ìdá kankan nínú rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó sì tọ̀nà.

Ó wá lọ sórí u àti v. uv = 7, u³ + v³ = 7, t² − 7t + 343 = 0. 49 − 1372 jẹ́ −1323, òdì, lábẹ́ àmì √. Ó fẹ́ padà lọ tún ìpààrọ̀ náà ṣe. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi 4 àti 5 sí ipò z ná. 4 fún un ní −27, 5 fún un ní 13: gbòǹgbò gidi wà láàárín wọn. Ó tún fi 0 àti −1 sí i, ó rí −7 àti 13, òmíràn wà níbẹ̀. −4 àti −5 fún un ní 13 àti −27, ẹ̀kẹta nìyẹn. Gbòǹgbò mẹ́ta ló wà, gidi sì ni gbogbo wọn, irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ni fọ́múlà náà sì ti máa ń gba inú nọ́mbà tí kì í ṣe gidi kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìpààrọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán ní z³ − 21z − 7. Òdì tó jáde lábẹ́ àmì √ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.